Omi tó ń bá afẹ́fẹ́ jáde lẹ́nu ìbọn ọ̀dà

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbà mí o. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tí mo fi ń kun ọkọ̀ ń kó omi jọ bí ẹni pé wọ́n ń rọ ọ́ sí i. Àràárọ̀ ni mo ń tú omi ìsàlẹ̀ táǹkì dànù, síbẹ̀ omi ṣì ń bá afẹ́fẹ́ jáde lẹ́nu ìbọn. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n lọ ra fíltà tó tóbi. Ṣé kí n rà á, àbí táǹkì ló lu?"

Àbúrò, má tíì ra fíltà kankan. Méjì lèmi rà. Èkejì ga tó ìgò ọtí, ó ṣì wà lára ògiri níbi tí mo jókòó sí báyìí, mo sì máa ń bojú wò ó tinú bá ń bí mi. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní ẹnjiníà lòun. Kò béèrè ibi tí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ mi wà, kò fọwọ́ kan páìpù rẹ̀ wò, owó ló kà.

Oṣù kejìlá ni mo ra ti àkọ́kọ́, ó sì ṣiṣẹ́. Mo tiẹ̀ pe ọkùnrin náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ̀ pé ọyẹ́ ló ń bá mi ṣe é. Nígbà tó di oṣù keje, tí òjò ń rọ̀ n'Íbàdàn lójoojúmọ́, oníbàárà kan gbé Kámúrì dúdú wá, ó fẹ́ gbé e lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Mo kùn ún, mo fi kílíà, ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń mú ọkọ̀ dán, sí i, ó ń dán débi pé o lè fi ìlẹ̀kùn rẹ̀ fá irùngbọ̀n. Ọjọ́ kẹsàn-án ló pè mí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ti wú jákèjádò bí ara ọmọ tí ẹ̀fọn jẹ mọ́jú. Mo fi abẹ́rẹ́ gún ọ̀kan nínú àwọn ibi tó wú, omi ló yọ, kò ju ojú abẹ́rẹ́ náà lọ.

Mo há gbogbo rẹ̀ kúrò, mo tún un kùn. Ó tún wú. Mo ní tínà ni kò dáa, mo pààrọ̀ tínà. Mo ní ọmọ iṣẹ́ mi ni kò jẹ́ kí ara ọkọ̀ gbẹ lẹ́yìn tó fi omi yọ́ ọ, mo bú ọmọ náà lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo padà wá tọrọ àforíjì lé lórí. Mo padà sọ́dọ̀ ẹnjiníà wa, ó ní fíltà mi ló kéré, ó ta ńlá fún mi. Mo kun ọkọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kẹta, owó ọ̀dà láti àpò mi, owó kílíà láti àpò mi, ó tún wú létí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìgbéyàwó ti kọjá nígbà náà. Táksí ni ọkùnrin náà wọ̀ lọ.

Ohun tó là mí lójú ni dígí kan tó fọ́ tí mo rí nílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo mú ìbọn tí kò sí ọ̀dà nínú rẹ̀, mo ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí dígí náà. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, dígí gbẹ. Mo jẹ́ kí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà tó tó bí ìdajì wákàtí, dígí kọ́kọ́ ṣú bí ìgbà téèyàn mí sí i, lẹ́yìn náà ni ìrì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lórí rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ibi tí họ́ọ̀sì ti jáde lára táǹkì, mo yára fà á padà, ó gbóná. Mo fọwọ́ kan họ́ọ̀sì náà lápá ibi tí ìbọn wà, tútù ni. Fíltà ńlá mi wà níbi tó gbóná yẹn, kò sí ẹ̀kán omi kan nínú ife rẹ̀.

Gbọ́ bó ṣe rí. Kò sí afẹ́fẹ́ tí kò gbé omi. Oru ni omi náà, ojú kì í rí i. Ronú àpótí kan tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Lásìkò òjò, tí ooru bá wà ní dígíríì 30, afẹ́fẹ́ inú àpótí yẹn lè gbé bíi gíráàmù 24 omi. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tó ń fún afẹ́fẹ́ títí géèjì fi dé bàà 8, àpótí mẹ́sàn-án ló ń kì sínú ẹyọ kan, torí géèjì kì í ka bàà kan ti afẹ́fẹ́ ìta mọ́ ọn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n kó èrò dáńfó mẹ́sàn-án sínú dáńfó kan ṣoṣo. Àyè ìjókòó kò pọ̀ sí i nítorí pé wọ́n kó èrò púpọ̀ wọlé. Àwọn tí kò ríbi jókòó ló ń já sílẹ̀, àwọn lomi tó ò ń tú ní ìsàlẹ̀ táǹkì láràárọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fi kún àyè ìjókòó: ooru. Ní dígíríì 30, àpótí kan gba oru omi tó tó gíráàmù 30 tó bá kún dẹ́nu. Ní dígíríì 40, ó di bíi 51. Ní 60, ó di bíi 130. Afẹ́fẹ́ tí a bá sì fún máa ń gbóná gan-an, ìwọ náà sáà ń fọwọ́ kan orí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ rẹ. Nítorí náà, bí táǹkì bá ṣe ń gbóná tó ni oru tó ń rí àyè jókòó nínú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, tó sì ń bá afẹ́fẹ́ jáde láì di omi.

Èyí ni ìṣirò tèmi. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ mi ń fa bíi lítà 300 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn àpótí 18 ní wákàtí kan. Tí àpótí kọ̀ọ̀kan bá gbé gíráàmù 24, omi tó wọlé jẹ́ bíi gíráàmù 430. Tó bá ti fún wọn tán, àpótí méjì péré ni wọ́n dà. Táǹkì mi ń gbóná tó dígíríì 60, àpótí méjì yẹn gbé bíi 260 jáde gẹ́gẹ́ bí oru, ìwọ̀nba 170 ló já sínú táǹkì. Họ́ọ̀sì wá tutù dé 30, níbi tí àpótí méjì kò ti lè gbà ju 60 lọ. Igba gíráàmù tó kù já sílẹ̀ nínú họ́ọ̀sì, lẹ́yìn tó ti kọjá fíltà. Tí mo bá kùn fún wákàtí márùn-ún láì dúró, lítà kan nìyẹn, omi píọ̀ wọ́tà méjì, tó ń lọ sára ọkọ̀ oníbàárà. Ibi tí ìbọn wà ni réglétọ̀ mi, ohun tó ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù, wà, ìdí nìyẹn tí họ́ọ̀sì fi ń gbé bàà 8 náà dé ìparí.

Fíltà ń mú omi, kò lè mú oru. O lè ra èyí tó tóbi tó sílíńdà gáàsì, tó o bá dè é mọ́ táǹkì gbígbóná, oru yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ọyẹ́ wá ń tàn wá jẹ, torí afẹ́fẹ́ ọ̀sán ọyẹ́ tó mú dáadáa lè má gbé ju gíráàmù mẹ́fà lọ. Èyí tó ń já sínú họ́ọ̀sì nígbà náà kò tó ìdá mẹ́rin ti òjò. Ẹni tó bá ta fíltà fún ọ lóṣù kejìlá, pè é wá lóṣù keje kó wá dán an wò lójú rẹ.

Ohun tí mo ṣe: mo gbé kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kúrò nínú yàrá tí òun àti jẹnẹrétọ̀ jọ wà, mo gbé e síbi ibòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Lẹ́yìn náà mo fi páìpù irin tó tó mítà 12 sára ògiri kí afẹ́fẹ́ lè tutù kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo jẹ́ kó dà díẹ̀ síhà kan, mo sì sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ níparí rẹ̀ tí mo fi ẹ̀rọ omi sí. Orí páìpù ni mo ti fa ti họ́ọ̀sì jáde, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀, torí abẹ́ lomi ń gbà. Fíltà kékeré tí mo kọ́kọ́ rà ló wá wà níparí, níbi tútù. Ọjọ́ kejì ni ife rẹ̀ kún. Jọ́ìntì àti ìyókù, o mọ̀ ọ́n ṣe.

Má sì jẹ́ kí púlọ́ńbà kankan tan ọ́ pé páìpù ike náà ṣeé lò. Ó ṣeé lò fún omi. Tí afẹ́fẹ́ bá fọ́ ọ, kì í kàn là lásán, ó ń fọ́n ká bíi dígí. Mo mọ ẹni tí wọ́n yọ ègé rẹ̀ ní èjìká. Táǹkì ńkọ́? Omi tó ń sùn sínú rẹ̀ ń jẹ irin láti inú, ojú kò rí i. Tó o bá rí ibi tó ń sun omi lábẹ́ rẹ̀, má gbé e lọ fún wẹ́ẹ́dà, sọ ọ́ nù. Tú omi rẹ̀ ní gbogbo wákàtí méjì lásìkò òjò, kì í ṣe láàárọ̀ nìkan, sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kó lè tì í jáde.

Tí owó bá wà, díráyà oní-fíríìjì ń mú afẹ́fẹ́ tutù dé bíi dígíríì mẹ́ta, níbi tí àpótí kan kò ti lè gbà ju gíráàmù mẹ́fà lọ. Ó ń da omi rẹ̀ nù, ó tún ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ọ́wọ́ kó tó jáde. Kò sí họ́ọ̀sì tó máa tutù tó bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn, kò sóhun tó fẹ́ já mọ́. Ṣùgbọ́n iná ló ń jẹ, o sì mọ bí iná wa ṣe rí. Èyí tí mo ń lò fún kílíà nìkan ni ife sílíkà jẹ́ẹ̀lì, hóró róbótó aláwọ̀ búlúù tó ń di píńkì tó bá ti mu oru yó. Gbẹ̀yìn pátápátá ló ń wà, torí tí ẹ̀kán omi gidi bá kàn án, ó tán nìyẹn. Wọ́n máa ń yan án padà nínú ààrò ní bíi dígíríì 120, ṣùgbọ́n má ṣe é nínú ìkòkò ìyàwó rẹ: kóbáàtì tó fún un ní àwọ̀ búlúù yẹn kì í ṣe ohun jíjẹ.

Mo fẹ́ gbàgbé. Tí táǹkì rẹ bá lu, afẹ́fẹ́ ni yóò máa jò síta, wàá máa gbọ́ ọ tó ń sín. Òjò kò lè wọ inú ohun tí bàà 8 ń tì jáde.

Wá dígí kan lálẹ́ òní. Fi ìbọn tó ṣófo fẹ́ ẹ fún wákàtí kan, kó o wá sọ ìṣẹ́jú tí ìrì kọ́kọ́ hàn fún mi, àti bí páìpù ìdí táǹkì ṣe gbóná tó nígbà náà.