Ìlà tó wà nísàlẹ̀ lọ́ọ̀gì kọ́ ló pa sáfà ẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. WordPress wa tó wà lórí sáfà Ubuntu 1GB kú lóru, "Error establishing a database connection" ló ń kọ. Mo wo ìsàlẹ̀ error.log, "No such file or directory" ló kún ibẹ̀. Ọ̀gá tó ń bá wa wo sáfà ní háákà ló ti pa fáìlì rẹ́, pé ká nu gbogbo ẹ̀ kúrò ká gbé tuntun sí i. Mo ti fi àwọn lọ́ọ̀gì ránṣẹ́. Fáìlì wo ló sọnù?

Ìdáhùn: Kò sí fáìlì tó sọnù, àbúrò. Ẹ má nu nǹkankan o. Tẹ́ ẹ bá nu sáfà yẹn, ẹ̀rí tá a fẹ́ fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ á bá a lọ, tó bá sì tún kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ tún máa sanwó nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ kọ eléyìí ná? Gbogbo ìgbà tí sáfà bá ti kú, háákà ni.

Fáìlì tí ìlà yẹn ń sọ ni mysqld.sock. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ti iná o, ẹnu ọ̀nà tí PHP tó ń bá WordPress ṣiṣẹ́ ń gbà wọlé bá MySQL tó ń tọ́jú dátà ẹ̀ ni. Tí MySQL bá jí, á ṣí i, tí MySQL bá sì ti dákú, ẹnu ọ̀nà yẹn ò ní sí níbẹ̀ mọ́. Torí náà ohun tí PHP ń sọ ò ju pé "mo kan ilẹ̀kùn, mi ò rí ilẹ̀kùn". Kò mọ ohun tó pa onílé.

Ìdí tí ìsàlẹ̀ lọ́ọ̀gì fi máa ń tan èèyàn jẹ nìyí. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣí sáìtì yín láti òru ló fi ìlà kan kún un, ìlà kan náà. Ká ní tírélà ṣubú ní Ògèrè, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dé Ṣàgámù, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá, tó o bá bi í, á ní mọ́tò iwájú òun ni ò rìn. Kò parọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹ̀ lo ti máa rí tírélà. Èyí tó kọ́kọ́ dúró là ń wá:

```
grep -n "HY000/2002" /var/log/nginx/error.log | head -1
```

HY000/2002 ni nọ́ńbà tó wà nínú ìlà tí PHP ń kọ yẹn, head -1 sì ní kó mú ẹyọ kan péré wá láti òkè. Nínú fáìlì tó o fi ránṣẹ́, ìlà 212 ló mú wá, aago 02:14:31. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí tó bá jẹ́ ìlà àkọ́kọ́ gan-an nínú fáìlì ló mú wá, ó lè jẹ́ pé wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ kí Ubuntu tó gé lọ́ọ̀gì, á jẹ́ pé error.log.1 lo máa lọ wò.

Ó wá kù ká mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú 02:14:31. O kọ ọ́ sí mi pé lọ́ọ̀gì MySQL ò bá a mu, pé 01:14 ni nǹkan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, wákàtí kan ṣáájú. Wò ó dáadáa, lẹ́tà Z wà lẹ́yìn aago yẹn. Z yẹn ni pé aago UTC ni MySQL ń lò, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà, nginx tó ń gbàlejò sáìtì yín, tó kọ error.log, ní tiẹ̀ ń lo aago sáfà, tiyín sì wà lórí aago Èkó. Fi wákàtí kan kún ti MySQL, ìṣẹ́jú kan náà ni.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé MySQL ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, "starting as process". Ohun tí ò sí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n fura. Tí MySQL bá fúnra ẹ̀ kógbá wọlé, á kọ "Shutdown complete" sílẹ̀ kó tó lọ. Tiyín ò kọ nǹkankan, ó kàn dákẹ́, ó sì tún ń gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n yọ ọ̀bẹ sí láti ẹ̀yìn ò ní ráyè kọ̀wé. Ẹni tó pa á la máa bi, ìyẹn kánẹ́ẹ̀lì, ọ̀gá àgbà inú Linux tó ń pín mẹ́mọ́rì:

```
journalctl -k --since "2025-03-11 02:10" --until "2025-03-11 02:16"
```

Ohun tó jáde rèé, mo gé ìrù ẹ̀ kúrò:

```
Mar 11 02:14:29 kernel: Out of memory: Killed process 1042 (mysqld)
```

Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ṣáájú ìlà 212. Mẹ́mọ́rì tán, kánẹ́ẹ̀lì wá ẹni tó tóbi jù nílé, ó sì pa á. Má wá sọ pé MySQL ló jẹ mẹ́mọ́rì o! Ẹni tó sanra jù ni kánẹ́ẹ̀lì sábà máa ń mú, ẹni tó jẹun jù lè jẹ́ ogójì èèyàn kéékèèké tó kóra jọ. Wo lọ́ọ̀gì php-fpm, tó ń darí àwọn PHP yín, ní 02:13:52:

```
WARNING: [pool www] server reached pm.max_children setting (40), consider raising it
```

Ìlà tí mò ń wá gan-an nìyí, kò sì ní "error" nínú rárá, WARNING ló pe ara ẹ̀, ìdí nìyẹn tó ò fi rí i nígbà tó o wá "error". max_children ni iye PHP tó lè máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ps tó o fi ránṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ nǹkan bíi 60MB. Ogójì wọn jẹ́ 2400MB. 1GB lẹ ní lápapọ̀! MySQL nìkan sì ń jẹ 400MB níbẹ̀. Ta ló kọ 40 síbẹ̀? Ó jọ pé ẹnì kan ka "consider raising it" yẹn, ó sì gbọ́ràn. Ẹ má gbọ́ràn sí i lẹ́nu láìka mẹ́mọ́rì tẹ́ ẹ ní.

Tẹ́ ẹ bá yọ 400MB ti MySQL àti díẹ̀ fún Ubuntu fúnra ẹ̀, 500MB ló kù, ìyẹn gba PHP mẹ́jọ. Ẹ kọ 8 sí pm.max_children nínú /etc/php/8.1/fpm/pool.d/www.conf, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì yẹn sílẹ̀. pm.max_spare_servers ò gbọdọ̀ ju 8 lọ, tó bá jù ú, php-fpm ò ní dìde. Ẹ fi `php-fpm8.1 -t` yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó ṣe reload. Ohun tí mo rí nínú lọ́ọ̀gì ni mò ń sọ o, mi ò wọ sáfà yín, tí nǹkan míì bá wà níbẹ̀ tó ń jẹ mẹ́mọ́rì, ìṣirò yìí á yí padà.

Ó ku ohun kan. Kí ló gbé ogójì PHP dìde ní aago méjì òru? access.log yín kún fún POST /wp-login.php láti 02:12, bọ́ọ̀tì ló ń dán páswọ́ọ̀dù wò. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn gbogbo WordPress, kíkàn kì í ṣe wíwọlé. Tí páswọ́ọ̀dù ò bá bá a mu, 200 ni nọ́ńbà tó máa ń wà lẹ́yìn ìlà yẹn, tó bá bá a mu, 302 ni. 200 nìkan ni mo rí nínú ibi tó o gé ránṣẹ́. Lọ wo ìyókù, tó o bá rí 302 tí kì í ṣe tiyín, ìgbà yẹn ni ká tó dárúkọ háákà, kó o sì tètè pè mí.