Àtẹ̀jíṣẹ́ sí awakọ̀ tó ń bọ̀ wá gbé mi

Báwo ni mo ṣe máa sọ fún awakọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé géètì ẹ̀yìn ni mo wà?

Ẹ fi èyí ránṣẹ́: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Géètì ẹ̀yìn ni mo wà, kì í ṣe iwájú tí máàpù ń júwe. Bí ẹ bá ti kọjá ilé epo, ọwọ́ ọ̀tún yín ni. Aṣọ pupa ni mo wọ̀. Ẹ ṣé.”

Ẹ má yọ “yín” yẹn kúrò. Bí ẹ bá kọ “ọwọ́ ọ̀tún” lásán, awakọ̀ lè rò pé ọ̀tún tiyín ni, kó sì wa ọkọ̀ kọjá. “Ẹ” ni kí ẹ lò jálẹ̀, ẹ kò kúkú mọ ọjọ́ orí ẹ̀; ẹ má sì kọ “wá síbí”, torí ó máa ń dún bí àṣẹ.