Lílé àti ègbè nínú Sáàmù 107

"Ẹ jọ̀wọ́, wọ́n ní kí n sọ Sáàmù 107 di orin fún ìkórè wa. Ẹsẹ mẹ́tàlélógójì ló ní. Báwo ni mo ṣe máa gé e kúrú tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò fi ní yí?"

Sáàmù yìí gan-an ló kọ́ mi lọ́gbọ́n nígbà tí mo ń darí akọrin níbí ní Abẹ́òkúta. Ìtàn mẹ́rin ló wà láti ẹsẹ 4 dé 32: ti àwọn tó ṣìnà nínú aginjù, ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ti àwọn aláìsàn àti ti àwọn atukọ̀. Nítorí pé mo fẹ́ kó kúrú, mo pa wọ́n pọ̀, mo kọ ọ́ pé gbogbo wọn ṣẹ̀, ìyà jẹ wọ́n, wọ́n ké pe Olúwa, ó sì gbà wọ́n. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ fi dánra wò, bàbá kan tó máa ń ka Bíbélì fún ìjọ pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, fi ẹ̀ṣẹ̀ àwọn atukọ̀ yìí hàn mí." N kò rí i. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣọ̀tẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, àwọn aláìsàn sì ń jìyà ìrékọjá wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni àwọn atukọ̀ ń ṣe. Èmi ni mo di ẹ̀ṣẹ̀ rù wọ́n.

Sáàmù náà ti pín ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á. Igbe àwọn tó wà nínú ìpọ́njú padà wá ní ẹsẹ 6, 13, 19 àti 28, ìpè sí ìyìn sì padà wá ní ẹsẹ 8, 15, 21 àti 31. Ẹ fi ìwọ̀nyí ṣe ègbè, kí lílé máa sọ ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ìlà mẹ́rin péré, kí ohun tó fa wàhálà àti bí ìdáǹdè ṣe dé má sì bọ́ sílẹ̀. Nínú ìtàn atukọ̀, ẹ lè gé ìgbì kúrú, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ẹsẹ 25, níbi tí àṣẹ Olúwa ti gbé ìjì dìde, nítorí pé òun kan náà ló mú un dákẹ́ ní ẹsẹ 29.

Ohùn ló tún dá mi láàmú. Ohùn orin kan náà ni mo kọ́kọ́ fi lé ìtàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ìwé orin ti máa ń ṣe. Nígbà tí a dé "ọkọ̀ wọn ń lọ lójú òkun", orin gòkè ní ìparí "ọkọ̀", ó sì wálẹ̀ ní ìparí "òkun", ni àwọn ọmọdé tó wà lẹ́yìn bá bú sẹ́rìn-ín: ọkọ́ àti okùn ni wọ́n gbọ́, bí ẹni pé àgbẹ̀ ló ń lọ sóko. Láti ìgbà náà, mo máa ń sọ ìlà kan jẹ́jẹ́ lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni n óo fi imú kùn ún láìsí ọ̀rọ̀, ibi tí ohùn bá sì gbà ni orin náà yóò gbà. Kò léwu bí lílé bá yàtọ̀ láti ìtàn dé ìtàn, nítorí pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń lé e. Ègbè ni kò gbọdọ̀ yí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúkú yí.

Ẹsẹ 33 dé 43 kò ní ègbè kankan, n kò sì fi agbára wá ọ̀kan fún un. A dá ìlù dúró, bàbá yẹn sì kà á láti orí àga ìwàásù.