"Sie" ni kí n pè é, àbí "du"?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta. Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Hamburg fẹ́ máa rà lọ́wọ́ mi, èdè Jámánì la sì fi ń kọ̀wé síra wa. Mo fi "Sehr geehrte Frau" bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́, mo kí i dáadáa, mo ṣàdúrà fún ilé àti iṣẹ́ rẹ̀. Ìlà mẹ́rin péré ló fi dá mi lóhùn: "Hallo Frau" àti orúkọ ìdílé mi, ó béèrè iye owó, ó fi "Viele Grüße" parí rẹ̀. Ṣé inú ń bí i ni? Ṣé kí n kúkú máa pe orúkọ rẹ̀ gan-an, kí àárín wa lè gún?

Ìdáhùn: Inú kò bí i rárá. "Sehr geehrte Frau" ni wọ́n ń lò nínú lẹ́tà iṣẹ́ tó le dáadáa. "Hallo Frau" rọ̀ jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ni "Viele Grüße" náà rọ̀ ju "Mit freundlichen Grüßen" lọ. Obìnrin yìí ti sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn kan kó lè sún mọ́ yín. Ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé ló ṣì fi ń pè yín. Ẹ tún lẹ́tà náà kà, ẹ wo ibi tó ti béèrè iye owó: bó bá jẹ́ "Sie" tó dà bí "ẹ" ọ̀wọ̀ wa ló lò níbẹ̀, tí kì í ṣe "du" tó dà bí "o", orí àtẹ̀gùn yẹn gan-an ni kí ẹ bá a dúró sí. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Àwa Yorùbá máa ń rò pé a ti mọ "Sie" àti "du" nítorí pé a ní "ẹ" àti "o". Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀. Àgbà lè pe ọmọdé ní "o" kí ọmọdé sì máa dá a lóhùn pẹ̀lú "ẹ" títí ayé. Láàárín àgbàlagbà méjì tó ń ṣòwò ní Jámánì, kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tí ẹnì kan bá pe ẹnì kejì ni ẹnì kejì náà yóò pè é. Ẹni ọgọ́ta ọdún yóò pe ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní "Sie", kò sì ní í sọ pé òun ń bọ̀wọ̀ fún ọmọdé. Bí ẹ bá wá sọ ọ́ di "du", ẹni tó dàgbà jù tàbí oníbàárà ló máa ń kọ́kọ́ dá a lábàá. Yóò kọ ọ́ síbẹ̀ ní gbangba pé ẹ jẹ́ ká máa pe ara wa ní "du", yóò sì fi orúkọ rẹ̀ nìkan fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èmi kò tètè gbà á nígbà kan. Oníbàárà kan tó ju ìyá mi lọ ní kí n máa pe òun ní "du", ẹnu mi kò gbà á, mo ṣì ń kọ "Sie" nínú lẹ́tà mẹ́ta tó tẹ̀lé e. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé n kò fẹ́ kí a sún mọ́ra ni. Ìtìjú bá mi, torí ọ̀wọ̀ ni mo rò pé mò ń bù fún un.

Ní Hamburg tiẹ̀ ni, ẹ lè bá ohun kan pàdé: wọ́n á pe orúkọ yín gan-an, wọ́n á sì tún lo "Sie" mọ́ ọn. "Hamburger Sie" ni wọ́n ń pè é. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ padà; kì í ṣe "du".

Ní ti ìkíni gígùn yẹn, òun kò rí ọ̀wọ̀ níbẹ̀ bí àwa ṣe ń rí i. Ó ń wá ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀. Ẹ kọ "Hallo Frau", orúkọ rẹ̀, àti kọ́mà. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e kì í fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀, àfi bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ tàbí "Sie" fúnra rẹ̀. Ẹ dúpẹ́ ní gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà ni iye owó ní yúrò, àti gígùn aṣọ ní mítà, torí wọn kì í fi yáàdì wọn aṣọ: yáàdì márùn-ún jẹ́ mítà 4.57. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa fi ẹrù ránṣẹ́. Ibí yìí ni ọ̀yàyà yín ti lè wọlé: ẹ sọ fún un pé òjò ń rọ̀ ní Abẹ́òkúta, aṣọ kì í tètè gbẹ, ìdí nìyẹn tí ẹ fi fi ọjọ́ mẹ́rin kún un. Gbólóhùn yẹn yóò jẹ́ kó mọ̀ pé èèyàn ló ń bá òun sọ̀rọ̀, yóò sì tún wúlò fún un. Ẹ fi "Viele Grüße" àti orúkọ yín méjèèjì parí rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí inú bá ń bí i lóòótọ́, ẹ má wo gígùn lẹ́tà. Ẹ wò ó bóyá ó ti padà gun àtẹ̀gùn: ẹni tó ti ń kọ "Hallo Frau" sí yín látọjọ́ yìí, tó ṣàdédé kọ "Sehr geehrte Frau" lẹ́yìn tí ẹrù dé ọwọ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ti rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn lára aṣọ náà. Ẹ dá a lóhùn ní ọjọ́ náà gan-an, pẹ̀lú "Sehr geehrte Frau" tirẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìwé owó tàbí ìwé àdéhùn ló fi ránṣẹ́, ẹ má jáyà. "Sehr geehrte" ni wọ́n sábà máa ń kọ sórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kódà sí ẹni tí wọ́n ń bá rẹ́rìn-ín lórí fóònù.