Kóònù lórí sìlíńdà: ibo ni 9 m² tó lé ti wá?

*"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ya kóònù lé orí sìlíńdà fún wa. Ìbú ìdí rẹ̀ jẹ́ 2.4 m, gíga sìlíńdà 2 m, gíga gbogbo rẹ̀ láti ilẹ̀ dé ṣóńṣó 2.5 m. Ojú ara tí mo rí jẹ́ 33.5 m², àmọ́ 24.5 m² ló wà lẹ́yìn ìwé. Ibo ni mo ti ṣì í?"*

Àbúrò, yọ 24.5 kúrò nínú 33.5, 9 ló kù. Wá ṣírò òbìrí ìdí sìlíńdà náà. Rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 1.2 m, 3.14 × 1.2 × 1.2 sì jẹ́ 4.52 m². Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 9.04. Ohun tó lé lọ́wọ́ rẹ nìyẹn: òbìrí àárín ni o kà lẹ́ẹ̀mejì, o kà á bí ìdérí sìlíńdà, o tún kà á bí ìdí kóònù. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni, ó ti wọ inú lọ, kò sí lára ohun tí ojú ń rí.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe ní Iléṣà níbí, irú àwòrán yìí sì ti ná èèyàn lówó níṣojú mi. Oníbàárà kan fẹ́ àgbá irin ńlá tí yóò máa kó oúnjẹ adìyẹ sí, tí orí rẹ̀ yóò ṣe ṣóńṣó kí omi òjò lè ṣàn dànù. Ẹni tó bá a ṣírò ka òbìrí àárín bí o ti kà á yìí, wọ́n sì ti ra páànù kí ìwé tó dé ọwọ́ mi. Ẹni tó tà á kò gbà á padà. Tí tìrẹ bá jẹ́ páànù, èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ fẹ̀ tó 2.97 m², nítorí náà 9 m² tó lé yẹn ju odindi páànù mẹ́ta lọ díẹ̀.

Láti ìgbà náà, kí n tó kọ nọ́ńbà kankan, mo máa ń bi ara mi pé ibo ni búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà lè dé lára nǹkan yìí. Nínú tìrẹ, ibi mẹ́ta péré ni: ara sìlíńdà yípo, ara kóònù, àti ìdí tó wà nísàlẹ̀. Ara sìlíńdà jẹ́ 2 × 3.14 × 1.2 × 2, ìyẹn 15.07 m². Ìdí jẹ́ 4.52 m² tí a ti rí.

Ara kóònù ló gba sùúrù. Gíga kóònù kò sí lára àwòrán rẹ rárá, 2.5 jẹ́ ti gbogbo rẹ̀. Yọ 2 kúrò, ó ku 0.5 m. Síbẹ̀, 0.5 yìí kọ́ ni a fi ń wá ojú ara, torí pé ó jẹ́ ìlà tó dúró ṣánṣán nínú. Ìlà tó dà gẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó dé etí la nílò: 0.5² + 1.2² = 1.69, √1.69 sì jẹ́ 1.3 m. Ìlà gẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ju gíga lọ, kí ó sì gùn ju rédíọ́ọ̀sì lọ. Tí tìrẹ bá kéré sí 1.2, padà lọ wò ó.

Ẹni tó bá ti gé kóònù láti ara páànù mọ ìdí rẹ̀. Là á láti etí dé ṣóńṣó, tẹ́ ẹ sílẹ̀, yóò di òbìrí tí a gé díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Rédíọ́ọ̀sì òbìrí yẹn ni 1.3, etí rẹ̀ sì ni ohun tó yí orí sìlíńdà ká, 2 × 3.14 × 1.2 = 7.54 m. Ìdajì 7.54, lọ́nà 1.3, jẹ́ 4.90 m². Ibẹ̀ ni πrl ti wá. Ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: 15.07 + 4.90 + 4.52 = 24.49.

Àyè inú rọrùn ní tirẹ̀, torí pé òbìrí àárín kò gba àyè kankan: a kàn ń ro méjèèjì pọ̀ ni. Sìlíńdà jẹ́ 4.52 × 2 = 9.04 m³ (ó bá 9.04 ìṣáájú mu nítorí pé gíga jẹ́ 2, má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú). Kóònù jẹ́ ìdá mẹ́ta 4.52 × 0.5, ìyẹn 0.75 m³. Níbí, gíga tó dúró ṣánṣán la lò, kì í ṣe 1.3. Àpapọ̀ jẹ́ 9.79 m³.

Tí etí kóònù bá yọ síta ju ara sìlíńdà lọ nínú àwòrán mìíràn, bí òrùlé ṣe máa ń yọ, abẹ́ etí yẹn wà níta, búrọ́ọ̀ṣì sì lè dé ibẹ̀. Ìwọ náà gbọ́dọ̀ kà á: òbìrí ńlá, yọ òbìrí kékeré kúrò nínú rẹ̀.