Kálórì inú abọ́ ìrẹsì, ọbẹ̀ ata àti dòdò

"Mi ò ní òṣùwọ̀n. Báwo ni mo ṣe lè fi ṣíbí àti ọwọ́ mọ iye kálórì tó wà nínú ìrẹsì, ọbẹ̀ àti dòdò tí mò ń rà?"

Òróró ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ ni ìṣirò ti máa ń dàrú. Ṣíbí ìjẹun ńlá 1 tó 120 kálórì, epo pupa náà ò yàtọ̀. Ẹ ká ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ bomi mu: ìrẹsì sísè tó kún un tó nǹkan bí 130, dòdò tó kún un, bíi 200, torí ó ti mu òróró.

Èyí tí mo rà ní Garéèjì Ọ̀fà n'Ílọrin rèé. Ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́ 3 jẹ́ 390, dòdò ẹ̀kúnwọ́ 1 jẹ́ 200. Ata àti tòmátì inú ọbẹ̀ ò ju nǹkan bí 40 lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó po ọbẹ̀ mọ́ ìrẹsì, mo gbé abọ́ náà dagun díẹ̀, òróró tó ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ṣíbí 2, ìyẹn 240. Gbogbo rẹ̀ di 870, mi ò tíì ka ẹran. Ó lè fi 150 lé tàbí kó dín, ọwọ́ ò dọ́gba.

Tẹ́ ẹ bá ti po ó pọ̀, ìrẹsì á fa òróró náà mu, ojú ò ní rí i mọ́. Èmi máa ń sọ fún màmá olóúnjẹ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bu tìsàlẹ̀ ìkòkò fún mi."