Aró Tó Di Àlùkò: Bí Àwọ̀ Ọjà Yín Kò Ṣe Ní Yí Padà Nínú Àwòrán Ẹ̀rọ

*Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Báàgì àdìrẹ ni mo ń tà ní Balógun. Àwọ̀ mẹ́ta ni mo fi ń dá ọjà mi mọ̀: aró (#1F2A5A), ọsàn (#E07A1F) àti àwọ̀ wàrà (#F6EBD7). Mo máa ń tẹ kóòdù wọn fún ẹ̀rọ ayàwòrán AI, síbẹ̀ ṣe ni aró mi ń di elésè àlùkò. Kí ni kí n ṣe?*

Ẹ kú ọjà o. Nínú Photoshop tàbí Canva, àṣẹ ni #1F2A5A. 1F ni ìwọ̀n pupa, 2A ni ti àwọ̀ ewé, 5A ni ti búlúù; tí a bá kà wọ́n bí a ṣe ń ka owó, 31, 42 àti 90 ni, láti orí 0 dé 255. Kọ̀ǹpútà á gbé e jáde gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán kì í wọn nǹkan kan ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń kà. Ó kàn mọ̀ pé irú lẹ́tà báwọ̀nyí máa ń bá irú àwọ̀ kan rìn ni. Àwọn tuntun gbọ́ kóòdù ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n èmi kì í fọwọ́ sọ̀yà fún ìkankan nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù ló sábà máa ń borí. Ó jọ pé "indigo" lẹ kọ. Lọ́dọ̀ aláró, inú ewé ẹlú ni aró ti ń wá, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní àlùkò. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tí wọ́n sọ ní "indigo" lórí ayélujára, #4B0082 ni: pupa 75, àwọ̀ ewé òdo, búlúù 130. Àlùkò pọ́ńbélé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ń fà á síbì kan, kóòdù ń fà á síbòmíràn.

Ẹ lo ọ̀rọ̀ tó bá kóòdù mu, kí ẹ so àwọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ohun tó ni ín, kí ọsàn má baà ṣàn wọ inú aṣọ. Ohun tí mo máa tẹ̀ nìyí:

```
Tote bag of deep navy cloth (#1F2A5A).
Handles: burnt orange (#E07A1F).
Plain warm cream wall behind (#F6EBD7).
Neutral white studio light.
```

Ẹ má kọ "no purple" o. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí kì í gbọ́ "má ṣe" dáadáa. Orúkọ àlùkò tí ẹ pè gan-an lè gbé e wá.

Ìlà tó kẹ́yìn nínú ohun tí mo tẹ̀ yẹn, ti ìmọ́lẹ̀, ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ní kí báàgì wà létí ọ̀sà lásìkò tí oòrùn ń wọ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa á bo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ kò ṣìṣe níbẹ̀. Báàgì gidi náà á yí àwọ̀ lábẹ́ oòrùn ìrọ̀lẹ́.

Ẹ má fi ojú lásán dá a lẹ́jọ́. Ẹ ṣí àwòrán náà nínú Photopea, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ fi Eyedropper tẹ aṣọ náà níbi mẹ́ta mẹ́rin tí ìmọ́lẹ̀ ti dọ́gba, kí ẹ yẹra fún inú ìṣẹ́po àti ibi tó ń dán. Ká ní ẹ rí #3A2A7C: pupa ti gòkè láti 31 dé 58, búlúù ti di 124, àwọ̀ ewé sì dúró lórí 42 rẹ̀. Pupa tó wọlé yẹn ni àlùkò tí ẹ ń rí. Bí nọ́ńbà bá fi bíi mẹ́wàá yàtọ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kó lọ, nítorí aṣọ tí ìmọ́lẹ̀ bà kì í ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Tó bá jìnnà bí èyí, ẹ yí ọ̀rọ̀ padà kí ẹ tún un yà.

Tó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ṣe é. Ẹ yan aṣọ báàgì náà nìkan, ẹ da #1F2A5A sórí ìpele tuntun, kí ẹ yí Blend Mode ìpele náà sí Color. Ìṣẹ́po àti òjìji á dúró, àwọ̀ nìkan ló máa yí. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò ní mú un dúdú sí i: bí báàgì ti mọ́lẹ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀, búlúù tó ṣá lẹ máa rí, ẹ ó sì tún dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù.

Ní ti lógò àti orúkọ ọjà, èmi kì í gbé wọn fún ẹ̀rọ rárá. Ẹ jẹ́ kó ya báàgì, kí ẹ̀yin fúnra yín wá fi kóòdù kun ìyókù nínú Canva. Ibẹ̀ nìkan ni #E07A1F ti máa jẹ́ #E07A1F láìyẹ̀.

Bí ẹ bá sì ń gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan. Ọsàn tó ń tàn lójú fóònù máa ń kú díẹ̀ lórí páálí, nítorí tàdáwà mẹ́rin CMYK ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́.